"Èèyàn lè wà láìní i": ìtàn ọlọ inú àti ìgbàgbọ́ kan tó pẹ́ kó tó wó

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí a ń ṣe ẹ̀kọ́ aláfọwọ́ṣe lórí ẹ̀jẹ̀, olùkọ́ wa ní kí oníkálùkù gún ìka ara rẹ̀, kó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì, kó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kó kùn ún ní aró, kó sì wò ó lábẹ́ maikirosikópù. Ohun kan náà ni gbogbo wa rí: sẹ́ẹ̀lì pupa róbótóróbótó, tí àárín wọn fẹ́lẹ́ díẹ̀, tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Àfi gíláàsì kan. Nínú mélòó kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì orí gíláàsì yẹn ni a ti rí àmì dúdú bíńtín kan, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹnu bírò tọ́ ọ. Olùkọ́ wa tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

Ọ̀rẹ́ wa kan dáhùn pé, "Tèmi ni, mà."

"Ṣé wọ́n ti yọ ọlọ inú rẹ rí ni?"

Ẹnu yà á. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀, a sì rí àpá abẹ gígùn kan tó sọ̀ kalẹ̀ ní agbedeméjì ikùn rẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí, torí kò rí i bí ohun tó yẹ kí èèyàn máa sọ.

Kì í ṣe àpá yẹn ló mú wa jókòó kọ èyí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni. Olùkọ́ wa bi í léèrè irú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó ní wọn kò fún un ní ìkankan. Ó bi í bóyá wọ́n sọ ohun tó yẹ kó ṣe bí ibà bá mú un, ó ní rárá o, ohun tí wọ́n sọ fún màmá òun ni pé kò séwu, èèyàn lè wà láìní i. Gbólóhùn yẹn ni a gbé délé. A wá ibi tó ti ṣẹ̀ wá, a sì rí i pé ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ ọ́, àti pé kì í ṣe òpè ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn tó fi ojú ara wọn rí ẹ̀rí ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan náà wà. Abẹ́ egungun ìhà ní apá òsì ló fara pamọ́ sí, lẹ́yìn ikùn tí oúnjẹ ń wọ̀. Ní ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, kò ju ìkúùkù lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bíi gíráàmù 150. Àwọn dókítà ń pè é ní sípílíìnì. Ọlọ inú ni a óò máa pè é níhìn-ín, ẹni tó bá sì ti lọ ata rí yóò gbà pé orúkọ yẹn kò jìnnà sí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Àwọn ará àtijọ́ ní Gíríìsì àti Róòmù kò mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Àwọn dókítà wọn gbà pé omi mẹ́rin ló wà nínú ara, pé ọ̀kan nínú wọn dúdú, pé òun ló ń fa ìbànújẹ́ àti ìbínú, àti pé ọlọ inú ló ń fà á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Pliny tó jẹ́ òǹkọ̀wé ará Róòmù tilẹ̀ kọ ọ́ pé ó máa ń dí àwọn asáré lọ́wọ́, pé àwọn kan a sì máa fi iná jó o kí ó lè rọlẹ̀. Nínú ìwé kan náà ló ti mẹ́nu bà á pé àwọn kan gbà pé ẹni tí wọ́n bá yọ ọ́ lára rẹ̀ kò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kéré tán, wọ́n gbà pé ó ní ohun kan tó ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ padà dé ní ìgbẹ̀yìn.

Ní nǹkan bíi ọdún 1680, dókítà ará Ítálì kan, Giuseppe Zambeccari, bẹ̀rẹ̀ sí í la inú ajá, ó yọ ọlọ inú wọn, ó rán wọn padà, ó sì ń wò wọ́n. Àwọn ajá náà yè. Wọ́n jẹun, wọ́n sáré, wọ́n gbó. Ẹ̀rí gidi lèyí jẹ́, ó sì tako ohun tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ìgbà àwọn Gíríìkì, pé kò sí ẹ̀yà ara ńlá kan tí èèyàn lè yọ kí ẹlẹ́mìí má kú. Kí ni èèyàn tó wà ní ipò Zambeccari ìbá sọ? Ohun tó rí ni ó sọ.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀rúndún méjì, ó kan èèyàn. Ní ọdún 1867, ní ìlú Párísì, Jules Péan yọ ọlọ inú ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni 20 ọdún kan, tí ìkókó omi ńlá kan ti wú sínú rẹ̀. Obìnrin náà yè. Ní ọdún 1887, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Spencer Wells la inú obìnrin ẹni ọdún 27 kan tí ojú rẹ̀ ti ń pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú láti kékeré. Iju ló rò pé òun fẹ́ yọ. Nígbà tó dé inú, ó rí i pé ọlọ inú ni, tó ti tóbi kọjá ààlà. Ó yọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ojú pípọ́n náà lọ, kò sì padà mọ́. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni dókítà mìíràn yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí wò, tó wá rí i pé àrùn àbímọ́ni kan ló ní, èyí tí í máa mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa rí roboto bíi bọ́ọ̀lù dípò kí ó rí pẹlẹbẹ. Àrùn náà ṣì wà lára rẹ̀. Ohun tó ti lọ ni ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ń kú.

Ibí yìí ni kí a ti dúró díẹ̀, kí a wo ohun tí ọlọ inú ń ṣe gan-an, torí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ibi púpọ̀ nínú ara, ẹ̀jẹ̀ kì í kúrò nínú òpó rẹ̀: ó ń ti inú òpó ńlá bọ́ sí kékeré, ó sì ń ti kékeré padà sí ńlá. Nínú ọlọ inú, apá kan ẹ̀jẹ̀ máa ń tú jáde kúrò nínú òpó, a dà sínú ẹran rírọ̀ kan tó rí bíi kànìnkànìn. Kí ó tó lè padà sójú ọ̀nà, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba inú ihò tóóró kan kọjá, ihò tí kò fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó rọ̀ a ká ara rẹ̀ kò, a yọ́ kọjá. Èyí tó ti gbó, tó ti gan, kò ní lè ká. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo nǹkan bíi 120 ọjọ́ nínú ara, bó bá sì ti ń pẹ́ sí i ló ń gan sí i. Àwọn tí kò bá lè kọjá á há síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹ-ìdọ̀tí tó wà lójú ihò a gbé wọn mì, irin tó wà nínú wọn a sì padà sínú mùdùnmúdùn egungun láti fi ṣe tuntun. Sẹ́ẹ̀lì obìnrin Wells kò gbó, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ká. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń há tí wọ́n sì ń jẹ wọ́n lọ́jọ́ orí kékeré, tí àwọ̀ tó ń jáde lára wọn sì ń pọ́n ọn lójú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá há ni wọ́n ń gbé mì pátápátá. Nígbà mìíràn sẹ́ẹ̀lì náà dára, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò dára. Bí mùdùnmúdùn egungun bá ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun, ó máa ń ju ọkàn sẹ́ẹ̀lì náà nù kó tó tú u sílẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀rún rẹ̀ kan a kù sínú. Tí sẹ́ẹ̀lì náà bá dé ojú ihò ọlọ inú, ara rẹ̀ tó rọ̀ a kọjá, ẹ̀rún tó le a kù sẹ́yìn, wọn a já a jáde bí ẹni yọ kóró ọsàn, sẹ́ẹ̀lì a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Howell ní Amẹ́ríkà àti Jolly ní Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àwọn ẹ̀rún náà, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ogún, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì ń jẹ́ títí dòní. Àmì dúdú tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ wa nìyẹn. Kò pa á lára, kò sì dùn ún. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ń já a jáde kò sí nílé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìtàn. Ẹni tí orí wa wú sí jù nínú gbogbo wọn ni Paul Kaznelson, torí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni. Ní ọdún 1916, nígbà tó ṣì ń kọ́ ìṣègùn ní ìlú Prágù, ó ń ronú lórí obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ láìnídìí. Ohun tí kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ni pilétílẹ́ẹ̀tì, àwọn ègé sẹ́ẹ̀lì kékeré tí ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Kaznelson rò ó pé bí ọlọ inú bá lè máa pa sẹ́ẹ̀lì pupa ju bó ṣe yẹ lọ, kí ló dé tí kò fi lè máa pa pilétílẹ́ẹ̀tì náà? Ó sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Schloffer, olùkọ́ rẹ̀, pé kí wọ́n yọ ọ́. Schloffer gbà, ó yọ ọ́, pilétílẹ́ẹ̀tì obìnrin náà sì gòkè lọ kíákíá. Lónìí a mọ̀ pé bíi ìdá mẹ́ta pilétílẹ́ẹ̀tì ara ló máa ń wà nínú ọlọ inú nígbàkúùgbà. Ìdí nìyí tí iye wọn fi máa ń ròkè lára ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yọ tirẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló máa ń ga jù, ó sì lè kọjá mílíọ̀nù kan nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan tí ó yẹ kí ó ní láti 150,000 sí 400,000. Ó máa ń padà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn dókítà ń ṣọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má lọ dì sínú òpó, pàápàá èyí tó ń lọ sínú ẹ̀dọ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé nígbà náà. Ajá yè. Ọ̀dọ́mọbìnrin Párísì yè. Obìnrin Lọ́ńdọ̀nù pàdánù àìsàn. Obìnrin Prágù pàdánù àìsàn. Kò yani lẹ́nu pé Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ ará Swítsáláńdì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1909, kọ́ àwọn èèyàn pé bí ọlọ inú bá fọ́, kí wọ́n yọ ọ́, kò sí aburú tí yíyọ rẹ̀ ń fà. Ohun tó ń pa àwọn tó fara pa nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn, yíyọ ọlọ inú sì ń dá a dúró. Gbogbo ilé ìwòsàn ló gba ìmọ̀ràn náà. Òun gan-an ni gbólóhùn tí wọ́n sọ fún màmá ọ̀rẹ́ wa.

Ibi tí àṣìṣe wà ni àkókò. Bí ajá bá yè fún oṣù mẹ́ta, o ti mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ kò pa á. Bí obìnrin bá padà sílé lẹ́yìn oṣù kan, o ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yè. Ṣùgbọ́n bí ewu bá jẹ́ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́wàá, tó sì jẹ́ pé ẹni díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ló máa bá, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kò ní rí i. Ìlú mìíràn ni onítọ̀hún máa kú sí, ọwọ́ dókítà mìíràn ló sì máa wà. Wọ́n á kọ ọ́ pé òtútù àyà tàbí yírùnyírùn ló pa á. Kò sẹ́ni tó máa béèrè àpá ikùn rẹ̀.

Àwọn kan ti kìlọ̀ o. Ní ọdún 1919, Morris àti Bullock ní Amẹ́ríkà yọ ọlọ inú àwọn eku kan, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí kòkòrò àrùn eku kan dé bá wọn. Àwọn tí kò ní ọlọ inú kú ju àwọn yòókù lọ dáadáa. Àwọn méjèèjì kọ ọ́ ní kedere pé ó ṣeé ṣe kí ohun kan náà máa ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ ọ́ sí, níbi tí ó yẹ kí àwọn tó ń fi abẹ yọ ọ́ ti rí i. Eku kò jọ èèyàn lójú wọn, ọ̀rọ̀ náà sì sùn fún ọdún 33.

Ìwé ìròyìn kan náà ni ó tún jí ní ọdún 1952. Harold King àti Harris Shumacker, ní ìpínlẹ̀ Indiana, kọ nípa ọmọ ọwọ́ márùn-ún. Àwọn ọmọ náà ní irú àrùn sẹ́ẹ̀lì bíi bọ́ọ̀lù tí obìnrin Wells ní, wọ́n sì ti yọ ọlọ inú wọn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tó. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, ẹ̀jẹ̀ wọn sì pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni àkóràn líle bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá wọn, yírùnyírùn tàbí kòkòrò tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Méjì kú. Ọmọ márùn-ún kò pọ̀, a gbà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti ìgbà Zambeccari: wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó yè kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n sì so ikú òde mọ́ abẹ inú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú gbogbo èèyàn là, ìtàn irú rẹ̀ sì ń wọlé láti ibi gbogbo. Ní ọdún 1973, Singer kó gbogbo èyí tó rí jọ, ó lé ní 2,700 èèyàn tí wọ́n ti yọ tiwọn. Àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ mú 119 nínú wọn, 71 sì kú. Nínú àwọn tí wọ́n yọ tiwọn nítorí ìjàǹbá, bíi ti ọ̀rẹ́ wa, kò tó ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún tó mú. Nínú àwọn tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ àbímọ́ni kan tí wọ́n ń pè ní talasímíà, ó tó nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan ṣì ń wí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lèyí. Ní ọdún 1977 ni Robinette àti Fraumeni tú ìwé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà 740 tí ọlọ inú wọn fọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ ogun mìíràn. Òtútù àyà ti pa àwọn tí kò ní ọlọ inú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun. Ọkùnrin alágbára ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n fara pa.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Kòkòrò tó máa ń ṣe é jù ni niumokókọ́ọ̀sì, òun náà tó sábà máa ń fa òtútù àyà. Ó ní ẹ̀wù kan tó yọ̀ bí ilá, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹ-ìdọ̀tí kò sì rọrùn láti dì í mú. Ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lẹ àmì mọ́ ọn kí wọ́n tó lè rí ọwọ́ mú un. Ẹ̀dọ̀ lè gbé èyí tí àmì ti kún ara rẹ̀ mì. Èyí tí kò tíì ní àmì púpọ̀, irú èyí tí ara kò tíì pàdé rí, ọlọ inú nìkan ló mọ bó ṣe ń ṣe é, torí ẹ̀jẹ̀ ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tètè ṣe irú àmì àkọ́kọ́ yẹn kóra jọ sí. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọwọ́ fi ń fara gbá a jù: kò tíì pàdé kòkòrò kankan. Ní ti gbígbé sẹ́ẹ̀lì gbígbó mì, ẹ̀dọ̀ á gba iṣẹ́ náà ṣe, kò sì sí wàhálà. Iṣẹ́ kejì yìí ni kò ní adelé.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Bí kòkòrò kan ṣoṣo bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń kó o nù, tó sì ń di méjì ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn wákàtí 12 yóò ti lé ní mílíọ̀nù 16. Bí àìsàn náà ṣe ń rí nìyẹn. Ní àárọ̀, ibà, òtútù, ẹ̀fọ́rí, bóyá èébì. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ibà lásán. Ní alẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti tutù, orí ti ń dàrú, ìfúnpá ti já wálẹ̀. Ó lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bó bá sì ti gbilẹ̀ tán, nǹkan bíi ìdajì àwọn tó bá mú ló máa ń kú, kódà pẹ̀lú oògùn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fi abẹ yọ ọlọ inú wọn. Àwọn tó ní àrùn síkù-sẹ́ẹ̀lì pọ̀ láàárín wa, èyí tí àwọn kan ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Sẹ́ẹ̀lì wọn máa ń gan, a sì tẹ̀ bíi dòjé. Ẹ rántí ihò tóóró yẹn. Sẹ́ẹ̀lì dòjé a dí i, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé inú ọlọ mọ́, ọlọ náà a sì máa kú díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi di àpá lásán kí ọmọ tó dàgbà. Ara fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́, láìlo abẹ. Ní ọdún 1969, Howard Pearson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó tilẹ̀ máa ń ṣíwọ́ iṣẹ́ kó tó rún. Wọ́n wo àwọn ọmọ tí ọlọ inú wọn ṣì tóbi débi pé ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta, wọ́n fa ohun kan tí ẹ̀rọ lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí ọlọ inú tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fà mọ́ra. Kò fa nǹkan kan. Àmì dúdú Howell àti Jolly sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ní ọdún 1986 ni wọ́n gbé àbájáde ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ọmọ 105 ń lo pẹnisilíìnì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọmọ 110 ń lo ohun mìíràn tí kì í pa kòkòrò. Niumokókọ́ọ̀sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 13 nínú àwọn tí kò lo pẹnisilíìnì, ọmọ méjì péré nínú àwọn tó lò ó. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà dá a dúró ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú àkókò, torí kò tọ́ kí wọ́n máa wo àwọn yòókù níran. Pẹnisilíìnì tí a ń wí yìí kì í ṣe oògùn tuntun tó wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tó ní àrùn náà ti rí i nínú ilé.

Ohun kejì tó kan wa ni ibà ẹ̀fọn. Kòkòrò ibà ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì tó bá sì gbé e sínú a máa gan. Ọlọ inú a há a mọ́ ihò, nígbà mìíràn a já kòkòrò náà jáde kí sẹ́ẹ̀lì máa lọ, bí ó ti ń ṣe ẹ̀rún dúdú yẹn. Ìdí nìyí tí ọlọ inú fi máa ń wú lára ẹni tí ibà ń mú léraléra, èyí tó bá sì wú máa ń fọ́ kíákíá bí ìjàǹbá bá dé. Lára ẹni tí kò ní i mọ́, kòkòrò ibà lè pọ̀ yára ju ti ẹlòmíràn lọ. Nǹkan mìíràn tún wà tó ń tan àwọn èèyàn jẹ: bí ó bá lo oògùn ibà tó sì ṣiṣẹ́, òkú kòkòrò lè ṣì máa yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, torí kò sí ẹni tó ń gbé òkú wọn jáde. Ẹni tó bá wo ẹ̀jẹ̀ náà lórí gíláàsì lè rò pé oògùn kò ràn án, kó sì máa fi òmíràn kún òmíràn.

Ṣé kí wọ́n má yọ ọ́ mọ́ ni? Ní ọdún 1968, Upadhyaya àti Simpson ní ìlú Toronto kọ nípa àwọn ọmọdé tí ọlọ inú wọn fọ́ nínú ìjàǹbá, wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dá fúnra rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ikùn ti ń dá abẹ dúró, tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sórí ibùsùn, tí wọ́n ń wọn ìfúnpá àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, tí wọn kì í sì í yọ ọ́ àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá. Ṣùgbọ́n ní òru tí kò sí ẹ̀rọ náà, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú fíríìjì, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan sì ń funfun lójú ẹni, kí oníṣẹ́ abẹ yọ ọ́ ni. A kò bá ẹni tó yọ ti ọ̀rẹ́ wa jà. Ó gbà á là. Ohun tí a ń bá jà ni gbólóhùn tí wọ́n fi sìn ín délé.

Ohun tó yẹ kí wọ́n fi sìn ín kò pọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta: ti niumokókọ́ọ̀sì, ti kòkòrò yírùnyírùn, àti ti kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ kúrú sí Hib. Bí a bá ti mọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tẹ́lẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí wọ́n ti gún un. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, bíi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí ara lè ti lókun díẹ̀. Pẹnisilíìnì fún ìgbà tí dókítà bá dá, pàápàá fún ọmọdé àti ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Kí ó máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ajá bá bù ú jẹ, kódà kí ó má jinlẹ̀, kí ó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí kòkòrò kan wà nínú itọ́ ajá tí ọlọ inú ló máa ń bá a jà. Bí ibà bá sì mú un, kò gbọdọ̀ sùn dọjọ́ kejì kó tó lọ.

Ọ̀rẹ́ wa ti gún méjì nínú mẹ́ta báyìí. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ní kó padà wá gbà. Ó ti gé páálí kékeré kan, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé òun kò ní ọlọ inú, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ kí omi má bà á jẹ́, ẹ̀yìn káàdì ìdánimọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló sì máa ń fi í sí. Nígbà tí a tún ṣe ẹ̀kọ́ aláfọwọ́ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ ní sáà yìí, òun fúnra rẹ̀ ló fi gíláàsì rẹ̀ han àwọn tó wà lẹ́yìn wa. Ó ní kí wọ́n wá àmì dúdú náà, kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun.